Bí Tíṣà Ẹ̀ka Kan Ṣe Lè Máa Wọ Kíláàsì Ara Wọn Láìdìjà: Òfin, Fọ́ọ̀mù àti Ìgbésẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin tíṣà wa. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé láti Kábà, láti Ìsánlú, láti Mọ̀pà, pé àwọn tíṣà ẹ̀ka kan fẹ́ máa wọ kíláàsì ara wọn láti wo bí kálukú ṣe ń kọ́ni, ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, irú fọ́ọ̀mù wo ni kí wọ́n lò, báwo ni ò ṣe ní di ìjà. Ẹ̀ka mátíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti báọ́lọ́jì náà lè lò ó bó ṣe wà yìí.

Tíṣà tó ni kíláàsì ni màá máa pè ní onílé, ẹni tó wá wò ó ni àlejò. Ẹ fi sọ́kàn bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wàhálà tó wà nínú nǹkan yìí, ọjọ́ tí àlejò bá ń ṣe bí ẹni pé òun ló nilé ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin ilé: ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́

Kí gbogbo ẹ̀ka jókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ ka àwọn òfin yìí sókè, kí kálukú sọ èyí tí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

1. Onílé ló máa yan ohun tí àlejò máa wò, ohun kan ṣoṣo sì ni.
2. Àlejò kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Kò sí 7 nínú 10, kò sí "ó dáa" tàbí "ó kù díẹ̀".
3. Ìwé tí àlejò bá kọ, onílé ló ni ín. Ó máa mú un lọ sílé. Kò sí fọ́tókọ́pì, kò sí pé a yà á ní fọ́tò sórí Wáásáàpù.
4. Ohun tá a rí ní kíláàsì kì í dé sítáàfùrúùmù, ì báà jẹ́ àwàdà.
5. A ò ní fi fóònù gba fídíò tàbí ohùn.
6. A kì í kọ orúkọ ọmọ ilé ìwé kankan sínú ìwé náà, ipò tó jókòó sí la máa ń kọ.
7. Kò sẹ́ni tó ń wọlé lójijì. Tí onílé bá ní òun ò ṣe mọ́ lọ́jọ́ náà, ó parí síbẹ̀, a ò ní bi í léèrè ìdí.

Òfin kẹta ló le jù, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí olórí ẹ̀ka lọ bá Píríńsípà àti Vàísì, kó ṣàlàyé fún wọn pé nǹkan yìí kì í ṣe bí ìgbà tí àwọn ìnsípẹ́tọ̀ láti mínísìrì bá wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bá fọ́ọ̀mù Épà tí wọ́n fi ń ṣe ìgbéga tan. Ohun tí Píríńsípà lè gbà ni bébà kan ṣoṣo lópin táàmù, tó kọ pé tíṣà báyìí wọ kíláàsì tíṣà báyìí lọ́jọ́ báyìí. Ọjọ́ àti orúkọ, ó tán. Tí ọ̀gá bá ní àfi kí òun rí fọ́ọ̀mù tí àlejò kọ, ẹ má bá a jà, ẹ má sì fún un. Ẹ kàn fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kí ẹ máa fi ẹnu sọ ọ́ fúnra yín. Torí pé ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù kan bá ti dé ọ́fíìsì ọ̀gá, gbogbo tíṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíláàsì tí wọ́n ti ṣe réhásà rẹ̀ fún àlejò, àwọn ọmọ á ti mọ ìdáhùn kí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu tíṣà, ẹ ò sì ní rí òótọ́ kankan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ tún ronú nípa àwọn tíṣà tí Pí-Tí-Ẹ̀ ń sanwó fún àti àwọn kọ́pà. Tíṣà Pí-Tí-Ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun lópin táàmù. Ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe onílé àkọ́kọ́, kódà tó bá ní kò sí wàhálà. Kó kọ́kọ́ ṣe àlejò lẹ́ẹ̀kan ná, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé bébà yẹn bá onílé lọ lóòótọ́.

Ta ló máa wo ta?

Olórí ẹ̀ka ni kó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Òun ni onílé àkọ́kọ́, kí ọ̀kan lára àwọn àbúrò sì ṣe àlejò rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí ẹ̀gbọ́n máa wo àbúrò, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ tí ò fi ní jọ ìbẹ̀wò ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò máa fi tọrọ àyè náà ṣe pàtàkì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wá jókòó ní kíláàsì yín kí n wá kọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é" máa ń wọlé dáadáa. "Sà, mo fẹ́ wá ọ́bsáàfù yín" máa ń mú kí àgbà lejú mọ́ni.

Ohun kejì: ẹ má pín in ní méjì-méjì. Tí mo bá wò ọ́ lónìí tí ìwọ náà máa wò mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa ń rọra dá ara wa sí ni, èmi á fi èyí tó dun ẹ́ pamọ́ kí ìwọ náà lè fi tèmi pamọ́. Ẹ ṣe é ní òbìrí. Tí tíṣà bá jẹ́ mẹ́ta, ti àkọ́kọ́ á wo ti kejì, ti kejì á wo ti kẹta, ti kẹta á wo ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹ̀ẹ̀kan ní ìlàjì táàmù tó fún ẹnì kan, tí ẹ bá fi sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ẹ máa pa á tì kí táàmù tó dé àárín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìjókòó kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Fọ́ọ̀mù kìíní rèé, onílé ló máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀:

- Ọjọ́, kíláàsì, píríọ́dù kelòó
- Tọ́píìkì, àti ibi tí a bá a dé nínú síkíìmù
- Ohun kan tí mo fẹ́ kí o wò (ní gbólóhùn kan)
- Báwo la ṣe máa kà á
- Ibo ni kí àlejò jókòó
- Ṣé mo ti sọ fún àwọn ọmọ?

Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń kọsẹ̀ ni ìlà kẹta àti ìkẹrin. Onílé á kọ pé "wo bí mo ṣe ń ṣàkóso kíláàsì". Ìyẹn ò ṣeé kà. Kí àlejò bi í léèrè títí yóò fi di ohun téèyàn lè fi ìlà kékeré kà lórí bébà. Ṣé ariwo ló ń dà ẹ́ láàmú? Nígbà tó o bá kẹ̀yìn sí wọn kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù ni, àbí nígbà tí wọ́n ń ṣe kíláàsì-wọ́ọ̀kì? Ó dáa, màá ka iye ìgbà tó o dúró nítorí ariwo àti ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Báyẹn ló ṣe máa ń di gbólóhùn kan.

Ìlà tó kẹ́yìn náà, ẹ má fo ó. Tí àwọn ọmọ bá kàn rí tíṣà míì pẹ̀lú báírò àti bébà lẹ́yìn kíláàsì, kí wọ́n tó jáde fún bíréèkì wọ́n ti sọ kiri pé wọ́n fẹ́ lé tíṣà wọn. Kí onílé sọ fún wọn pé, "Àǹtí yín máa bá wa jókòó lọ́la, ó fẹ́ wo bí èmi ṣe ń bi yín ní ìbéèrè, kì í ṣe ẹ̀yin ló wá wò."

Ìgbésẹ̀ kejì: nínú kíláàsì

1. Àlejò ti jókòó kí onílé tó wọlé. Ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ, kì í ṣe àga tíṣà.
2. Fóònù wà nínú báàgì, ó ti dákẹ́.
3. Àlejò ò ní dá sí i. Tí onílé bá ṣi nǹkan kọ sí bọ́ọ̀dù, kí àlejò dákẹ́, àfi tí àwọn ọmọ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú nóòtù wọn. Kódà nígbà náà, bébà kékeré ló máa fi ránṣẹ́.
4. Kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní mirí, kò ní bá ọmọ sọ̀rọ̀.
5. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni kó kà. Tí nǹkan míì bá wọ̀ ọ́ lójú gan-an, kó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà, kó bi onílé lẹ́yìn náà bóyá ó fẹ́ gbọ́ ọ.

Fọ́ọ̀mù kejì, fún ẹni tó fẹ́ mọ "ta ni mò ń bi ní ìbéèrè", ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ló wúlò jù fún mátíìsì. Ẹ ya àwòrán kíláàsì sórí bébà: àpótí kan fún bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tò, bọ́ọ̀dù lókè. Lẹ́yìn náà:

- Tí onílé bá bi ọmọ kan ní ìbéèrè, fa ìlà kékeré sínú àpótí rẹ̀.
- Tí ọmọ náà bá dáhùn ohun tó ju ọ̀rọ̀ kan lọ, yí ìlà náà ká.
- Tí gbogbo kíláàsì bá jọ pariwo dáhùn, irú "Ṣé ó yé yín?" "Yẹ́ẹ̀sì sà!", fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ bébà lábẹ́ "gbogbo wọn".
- Tí onílé bá bèèrè tán, ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú lọ́hùn-ún rẹ. Tó bá dúró dé ẹẹ́ta kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀, fi àmì kékeré sára ìlà náà.

Ìdí tá a fi ń ka ẹẹ́ta ni ìwádìí tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, Mary Budd Rowe, ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé àwọn tíṣà kì í sábà dúró ju bíi sẹ́kọ́ńdì 1 lọ lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé tí wọ́n bá dúró tó sẹ́kọ́ńdì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, iye ìgbà tí ọmọ ò fèsì rárá náà sì máa ń dín kù. Sẹ́kọ́ńdì 3 ò jọ nǹkan kan létí, àmọ́ tó o bá dúró níwájú kíláàsì tó dákẹ́, á ṣe ẹ́ bí i pé odidi wákàtí ni.

Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ sún un síwájú, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹ̀yìn ń sọ. Ọjọ́ ọjà ìlú yín náà, ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ máa pé.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká sọ pé Síníọ̀ 1 ni, ọmọ 46, línì mẹ́ta, bẹ́ńṣì mẹ́fà ní línì kọ̀ọ̀kan, píríọ́dù ogójì ìṣẹ́jú. Tọ́píìkì ni bá a ṣe ń pín x² + 5x + 6 sí bírákẹ́ẹ̀tì méjì. Onílé ti kọ sí fọ́ọ̀mù kìíní pé, "Ó ń jọ mí pé àwọn ọmọ kan náà ló ń dá mi lóhùn, ṣé lóòótọ́ ni?"

Nígbà tí píríọ́dù parí, bébà àlejò fi hàn pé ìbéèrè 22 ló jáde. Mẹ́sàn-án jẹ́ ti "gbogbo wọn". Nínú 13 tó kù, 10 bọ́ sí ìlà iwájú méjì, mẹ́ta bọ́ sí àárín, ìlà ẹ̀yìn méjì ò ní ìkankan. Onílé dúró dé ẹẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì péré.

Àlejò rí nǹkan kan síi torí pé ẹ̀yìn ló jókòó sí. Nígbà tí onílé bèèrè pé, "Nọ́ńbà méjì wo ni tá a bá táìmù wọn á di 6, tá a bá ro wọ́n pọ̀ á di 5?", ọmọbìnrin kan níwájú ti ní "2 àti 3, sà" kí onílé tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò ti kọ (x + 1)(x + 6) sí nóòtù rẹ̀. Ó tọ̀nà lójú ẹ̀ torí 1 táìmù 6 náà ni 6, kò ì tíì dé ibi tó ti máa rò ó pọ̀ kó rí i pé 7 ló ń di, kì í ṣe 5. Nígbà tí ìdáhùn tó tọ̀nà hàn lójú bọ́ọ̀dù ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pa tiẹ̀ rẹ́, ó dà á kọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni "Ṣé ó yé yín?", òun náà sì pariwo "Yẹ́ẹ̀sì sà" bí i ti àwọn yòókù.

Ìlà tí àlejò kọ sí ẹ̀yìn bébà ni pé: *línì òsì, bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn, (x + 1)(x + 6), ó pa á rẹ́ nígbà tí ìdáhùn jáde.* Kò kọ pé "àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò mọ nǹkan". Ohun tí ojú rí ló kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìjókòó lẹ́yìn kíláàsì

Lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, bí ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe ní sítáàfùrúùmù. Abẹ́ igi tàbí kíláàsì tó ṣófo ló dáa. Bó ṣe máa lọ nìyí:

1. Onílé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: kí ni mo rò pé ó ṣẹlẹ̀?
2. Àlejò á gbé bébà fún un, á sì ka àmì náà fún un láìsọ ohun tó túmọ̀ sí.
3. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
4. Àlejò á bèèrè: kí lẹ rí níbẹ̀?
5. Onílé á yan ohun kan tó máa yí padà, ohun kan ni o.

Nínú àpẹẹrẹ wa, nǹkan tí àlejò sọ ò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kan náà ló ń dáhùn. Bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan rèé. Mẹ́wàá nínú mẹ́tàlá wà níwájú." Onílé wò ó, ó ní, "Ẹ̀yìn ò ní rárá?" Ìgbà yẹn ni àlejò tó bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn bébà. Ó ní kó kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé òun máa kọ ìbéèrè sí bọ́ọ̀dù, gbogbo ọmọ á kọ ìdáhùn sí nóòtù kí òun tó pe ẹnikẹ́ni, inú rẹ́jísítà lòun á sì ti máa mú orúkọ. Àlejò ò dá a lábàá. Tó bá jẹ́ àlejò ló dá a lábàá, onílé á ṣe é lọ́jọ́ kan, á fi sílẹ̀.

Tí àgbà bá ni onílé, ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò gbọ́dọ̀ rọ̀, àmọ́ iye tó wà lórí bébà ò gbọ́dọ̀ yí padà. Àwọn kan máa ń fi ọ̀wọ̀ dín mẹ́wàá kù sí mẹ́fà. Ìyẹn ò ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

Fọ́ọ̀mù kẹta, ìlà mẹ́ta péré, onílé ló kọ ọ́:

- Ohun tí mo rí
- Ohun kan tí mo máa gbìyànjú, ní kíláàsì wo
- Ọjọ́ tí àlejò máa padà wá

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àlejò padà lọ síbẹ̀, ó ya àwòrán kan náà. Ìbéèrè tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ti di 11, ó dín torí onílé ń dúró: mẹ́rin níwájú, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta lẹ́yìn. Méjì nínú àwọn tí wọ́n bi lẹ́yìn ò tọ̀nà, onílé sì kọ àṣìṣe wọn sí bọ́ọ̀dù, ó ní kí kíláàsì wá ibi tó ti yà. Kíláàsì ò dùn-ún wò tó ti tẹ́lẹ̀ o, ó ń falẹ̀, àwọn ọmọ ń ta kókó. Tí àlejò bá ń fún ni ní máàkì, ì bá ti fún ti àkọ́kọ́ ní púpọ̀ jù.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀

*Gbogbo fọ́ọ̀mù ń dára jù.* Tí onílé bá ti ń yan ohun tó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ padà sórí òfin kẹta, ẹ wádìí ibi tí bébà ti ń jò.

*Àlejò kọ ojú ìwé mẹ́ta.* Kò gbọ́ ohun tí onílé ní kó wò. Kí olórí ẹ̀ka fún un ní bébà ìlàjì péré nígbà míì.

*Ìjókòó ìgbẹ̀yìn di wàásù.* Ẹ wo ẹni tó sọ̀rọ̀ jù. Tó bá jẹ́ àlejò, ó ti di ọ̀gá. "Ó yẹ kẹ́ ẹ…" ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀.

*Ìjókòó ìgbẹ̀yìn ò wáyé.* Èyí ló wọ́pọ̀ jù, torí wọ́n ti ní kí tíṣà lọ gba kíláàsì ẹni tí ò wá. Ẹ mú ọjọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù kìíní, ẹ má dúró dìgbà tí kíláàsì bá parí. Tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ fún onílé ní bébà rẹ̀, kí ẹ mú ọjọ́ míì láti ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Bí kíláàsì náà ṣe rí á ti kúrò lọ́kàn ẹ̀yin méjèèjì.

Tí ẹ̀ka yín ò bá pé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa ní Bùnú àti àwọn abúlé ní Yàgbà, tíṣà mátíìsì kan ló wà, ó sì tún ń kọ́ fíṣíìsì. Ẹ mú tíṣà ẹ̀ka míì ṣe àlejò. Àwòrán bẹ́ńṣì ò nílò kéèyàn mọ mátíìsì rárá, kódà ẹni tí ò mọ̀ ọ́n máa ń kà á dáadáa jù, torí kò ní máa fọkàn yanjú ìbéèrè tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Ohun tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ò lè rí ni àṣìṣe (x + 1)(x + 6) yẹn, ẹ sọ fún un pé kó kàn dà á kọ bó ṣe rí ní nóòtù ọmọ, onílé á mọ ohun tó jẹ́.

Tí kò bá sí píríọ́dù tó ṣófo fún ẹnikẹ́ni, ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nìkan tó, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú kan náà nígbà tí àlejò bá padà wá, torí ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì àti ìparí rẹ̀ kì í ní irú ìbéèrè kan náà.